Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: bíbọ́ jákẹ́ẹ̀tì òtútù lára àbúrò mi nínú fótò

Fótò tó wà lọ́wọ́ mi rèé: àbúrò mi ọkùnrin dúró síwájú ògiri bíríkì, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ọwọ́ òsì di okùn báàgì tó gbé kọ́ èjìká mú. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ki òwú sínú rẹ̀ ló wọ̀. Ó wé síkáàfù mọ́ ọrùn, ṣòkòtò rẹ̀ nípọn, bàtà rẹ̀ sì ga bo ọrùn ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kó wọ aṣọ ooru nínú fótò kan náà, kí ìdúró rẹ̀ má yí, kí ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ara rẹ̀, kí ẹni tó bá wo ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ má sì rí ibi tí ọwọ́ ti kàn án. GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe, ni mo ń lò.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí nínú àwọn fótò tó fún mi ni. Nínú àwọn yòókù, yìnyín wà nílẹ̀, tàbí kí èémí rẹ̀ máa rú jáde lẹ́nu bí èéfín. Ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé sírú ibẹ̀ kò lè jọ ẹni tí ooru ń mú, bó ti wù kí iṣẹ́ náà mọ́ tó. Ògiri bíríkì kì í sọ àsìkò. Ohun kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀ tó jẹ mọ́ òtútù ni oòrùn tí kò ga lójú sánmà, tó sì mú kí òjìji gùn. Ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbi tí ooru ti mú pẹ̀lú, nítorí náà n kò fọwọ́ kàn án.

Aṣọ tó lè gba ìdúró yẹn

Ọ̀pọ̀ ló máa ń mú aṣọ tó wù wọ́n kọ́kọ́, kí wọ́n tó wá máa fi tipátipá bá ara tan. Èmi bi ara mi pé kí ló gbé ọwọ́ ọ̀tún yẹn dúró? Àpò jákẹ́ẹ̀tì ni. Àpò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, ó ga ju ìbàdí lọ díẹ̀, òun ló jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ ká bó ṣe ká. Bí mo bá fi síńgílẹ́ẹ̀tì rọ́pò jákẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ á kàn dúró nínú afẹ́fẹ́ láìsí ohun tó gbà á. Bí mo bá ní kó ki í bọ àpò ṣòkòtò, àpò yẹn wà nísàlẹ̀, ó sì lọ sẹ́yìn díẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ á nà, èjìká á sọ̀ kalẹ̀, ìdúró ti di òmíràn nìyẹn.

Ṣẹ́ẹ̀tì sáfárì ló yanjú rẹ̀: apá péńpé, aṣọ fẹ́lẹ́, àpò méjì tí wọ́n rán mọ́ ìsàlẹ̀ níwájú. Àpò ìsàlẹ̀ yẹn bọ́ sí ibi tí ti jákẹ́ẹ̀tì wà gan-an. Ọwọ́ kò ní láti kúrò níbi tó wà. Ohun tó yí padà ni pé àpò aṣọ fẹ́lẹ́ kì í fi ọwọ́ pa mọ́ pátápátá bíi ti aṣọ onírun tàbí olówú. Ìrísí eegun ìka máa ń yọ díẹ̀ lára rẹ̀, ẹnu àpò á sì fà sísàlẹ̀ nítorí ìwúwo ọwọ́. Mo ya ìyẹn síbẹ̀, nítorí àpò tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ọwọ́ a máa jọ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Bàtà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà òtútù nípọn. Bí mo bá wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ fún un, gbogbo ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tó bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́ sí, òjìji orí rẹ̀ lára ògiri náà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bàtà kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ga ni mo mú, kí orí lè dúró síbi tó wà.

Ara tó wà lábẹ́ òwú

Apá yìí ló jẹ mí lọ́kàn jù. Jákẹ́ẹ̀tì náà gbé èjìká rẹ̀ ga, ó sì mú un fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá kàn ya aṣọ fẹ́lẹ́ sórí etí jákẹ́ẹ̀tì yóò ní ẹni tí èjìká rẹ̀ kò bá ọrùn rẹ̀ mu. Ẹni tó bá sì dín in kù bó ṣe wù ú yóò sọ ọ́ di ẹni tín-ín-rín tí kì í ṣe òun. Àbúrò mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ikùn tí mi ò ní sí mi lára, ẹ má sì yọ èyí tí mo ní.”

Nítorí náà mo ní kó ya fótò míì fún mi, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́, ní ìdúró kan náà. Mo sọ fún un pé kí kámẹ́rà wà ní gíga àyà bíi ti àkọ́kọ́, kí oòrùn bọ́ sí apá òsì rẹ̀, kí jíjìnnà rẹ̀ sí ẹni tó ń yà á sì rí bákan náà. Jíjìnnà yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Òun ló ń pinnu bí ohun tó sún mọ́ kámẹ́rà ṣe máa tóbi sí ju ohun tó wà lẹ́yìn lọ. Bí wọ́n bá ti ibi tó sún mọ́ ọn jù ya èkejì, ìgbọ̀nwọ́ tó yọ síwájú á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè sún fótò náà kékeré tí yóò fi tún un ṣe.

Orí ni mo fi wọn gbogbo rẹ̀, torí orí kò wọ nǹkan kan nínú fótò méjèèjì. Mo fa ìlà láti agbọ̀n dé àtàrí nínú àkọ́kọ́, ó jẹ́ píksẹ́lì 310, mo sì sún èkejì títí orí tirẹ̀ náà fi jẹ́ 310. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo yẹ àwọn ìwọ̀n yòókù wò. Lára àgbàlagbà, ìbú èjìká máa ń sún mọ́ gígùn orí méjì. Láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́ sì máa ń tó orí kan àtààbọ̀. Ara èèyàn kò dọ́gba, ìwọ̀n wọ̀nyí kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tètè fi hàn bí nǹkan bá ti wọ́. Ìbú èjìká jákẹ́ẹ̀tì tó 760, ti fótò kejì sì jẹ́ 635. Gbogbo ìyàtọ̀ yẹn, nǹkan bíi 60 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ògiri ló gbọ́dọ̀ gbà á.

Ògiri

N kò tún àlàfo tóóró yẹn nìkan ṣe. Mo kọ́kọ́ tún gbogbo ògiri tó wà lẹ́yìn òkè ara rẹ̀ mọ, lórí ìpele tirẹ̀, ìyẹn `layer`, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo lè sún apá sọ́tùn-ún sósì bí mo ṣe fẹ́, ògiri á máa wà lẹ́yìn rẹ̀.

`Clone`, tó ń da apá kan fótò kọ sórí apá míì, ni mo lò, pẹ̀lú `Alignment` lórí `Aligned`, tí mo sì mú ibi tí mo ti ń dà á kọ láti orí ìlà sìmẹ́ńtì kan náà, kí ìlà náà lè lọ tààrà. `Heal` náà ń da nǹkan kọ, ó sì ń po àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ti ibi tó bọ́ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dán, ṣùgbọ́n bó bá ti kan etí jákẹ́ẹ̀tì, ó máa ń fa àwọ̀ jákẹ́ẹ̀tì náà wọnú bíríkì, á sì fi àbàwọ́n ṣíṣú sílẹ̀. Inú ògiri nìkan ni mo ti ń lò ó, níbi tó jìnnà sí etí. Nǹkan míì tó máa ń tú àṣírí ni bíríkì tó fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Bíríkì kan ní igun tó ti sán, ẹ̀dà rẹ̀ sì ti yọ lókè èjìká òsì, mo wá fi igun bíríkì míì bò ó.

Okùn báàgì àti ìhunjọ aṣọ

Okùn báàgì ni n kò rí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lórí jákẹ́ẹ̀tì, ó rì sínú òwú, òwú sì wú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Lórí ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́, ó gbọ́dọ̀ sún wálẹ̀ kó tẹ̀ mọ́ ẹran èjìká. Mo fi `Warp Transform` fà á sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ òsì tó dì í mú kò kúrò níbi tó wà, nítorí náà ibi tí okùn ti sọ̀ kò kọjá láti òkè èjìká dé ọwọ́. Mo wá fi òjìji tín-ín-rín sábẹ́ rẹ̀, torí aṣọ tó tẹ̀ mọ́ ara kì í fàyè gba òjìji tó fẹ̀.

Ìhunjọ jákẹ́ẹ̀tì tóbi, ó sì rí roboto. Ti aṣọ fẹ́lẹ́ pọ̀, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí nǹkan ti ń fà á: abíyá, abẹ́ okùn, ẹnu àpò tí ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Ibi mẹ́ta yẹn ni mo dojú kọ, mo sì jẹ́ kí ibi tó kù tẹ́jú. Ẹnu apá ṣẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìlà tó lọ gbọọrọ. Ó yí apá ká ni, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tẹ̀, kó sì jù òjìji sórí apá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Òjìji àti àwọ̀

Òjìji jákẹ́ẹ̀tì ṣì wà lára ògiri, ó sanra. Òjìji tuntun ni mo yà lórí ìpele tí ipò rẹ̀ jẹ́ `Multiply`, tó ń mú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn, mo sì mú àwọ̀ rẹ̀ láti ara òjìji orí, èyí tí n kò yí padà. Etí òjìji orí yẹn náà ni òṣùwọ̀n mi fún bí etí yòókù ṣe máa rọ̀ sí. Oòrùn kì í ṣe kíún kan lójú sánmà, ó fẹ̀ tó ìdajì dígírì, nítorí náà etí òjìji máa ń rọ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan tí ohun tó jù ú fi jìnnà sí ògiri. Òjìji ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, tó yọ síwájú, gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ti ẹ̀yìn èjìká lọ.

Síkáàfù dúdú ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ abẹ́ agbọ̀n mì. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun funfun, ó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sókè, nítorí náà mo mú abẹ́ agbọ̀n àti ọrùn mọ́lẹ̀ díẹ̀. Bíríkì pupa náà ń dá àwọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn apá tó ti wà ní ìhòòhò báyìí, mo sì fi pupa díẹ̀ kan án. Ojú àbúrò mi ti gbẹ lójú òtútù, ètè rẹ̀ ti funfun. Mo fi àwọ̀ apá rẹ̀ láti inú fótò kejì ṣe ìwọ̀n, mo sì jẹ́ kí ojú bá a mu.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Mo gbé àwòrán àtètèkọ́ṣe sórí tuntun, mo sì yí ipò rẹ̀ sí `Difference`. Ibi tí ohunkóhun kò ti yí padà máa ń dúdú kirimú. Irun orí dúdú, ojú mọ́lẹ̀ díẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀ tí mo yí, ògiri tó jìnnà dúdú, òkè ara mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ. Kíún kan tó mọ́lẹ̀ wà lápá ọ̀tún lókè, búrọ́ọ̀ṣì ló já síbẹ̀, mo ti pa á rẹ́.

Kùrùkùrù fótò kejì, ìyẹn àwọn kíún wínníwínní inú rẹ̀, kéré sí ti àkọ́kọ́, nítorí náà apá àti ọrùn dán ju ojú lọ bí mo bá sún un tóbi. N óò fi `RGB Noise` díẹ̀ sí ìpele wọn nìkan, lẹ́yìn tí ohun gbogbo bá parí. Ẹsẹ̀ ló kù: ṣòkòtò péńpé, orúnkún, àti òjìji ẹsẹ̀, ti orí ilẹ̀ àti ti ara ògiri, tó gbọ́dọ̀ pàdé ara wọn níbi tí ògiri ti kan ilẹ̀. N óò bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìpàdé yẹn, torí òun ni yóò sọ ibi tí orúnkún wà.