Ìwé tí mo fi ọ̀rọ̀ dídùn kọ, tí kò yé ẹgbẹ́

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò aṣọ ní Ìbàdàn. Lóṣù àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ìgbìmọ̀ yí ọjọ́ tí a ń san owó ẹ̀yá padà, wọ́n ní kí n kọ ìwé sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Mo jókòó, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé akọ̀wé tó kàwé ni wọ́n yàn. Ohun tí mo kọ nìyí:

„Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n gidigidi, pẹ̀lú ìdùnnú àti ọ̀wọ̀ ńlá ni a fi ń lo àǹfààní yìí láti kí yín, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ìwé yìí yóò bá yín nínú ìlera pípé gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti wà, ọpẹ́ ni fún Olódùmarè. Èyí ni láti fi tó yín létí pé, ní ìbámu pẹ̀lú ìpinnu ìgbìmọ̀, ṣíṣe ìsanpadà owó ẹ̀yá yóò máa wáyé láàrin ọjọ́ mẹ́jọ sí ọjọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Àìṣe bẹ́ẹ̀ yóò yọrí sí ìgbésẹ̀ tí ó tọ́. Àwa ni tiyín nítòótọ́.”

Alága yìn mí. Ó ní ìwé náà rinlẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ọjọ́ pé, ìjà ló dé. Àwọn àgbà ka ọjọ́ mẹ́jọ bí a ṣe ń kà á nílé: ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ wọn ni ọjọ́ kìn-ín-ní, nítorí náà ẹni tó gba ìwé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni tirẹ̀ pé. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì, wọ́n fi ọjọ́ kan lé e. Ìwé ò sì dé ọwọ́ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ bi mí pé, „Akọ̀wé, kí ni ìgbésẹ̀ tí ó tọ́ yìí? Ṣé ọlọ́pàá lẹ fẹ́ kó wá ni?” Ojú tì mí. Owó ìtanràn 500 náírà péré ni mo ní lọ́kàn, mi ò kàn kọ ọ́ síbẹ̀ ni.

Mo padà sílé, mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí kì í bá ti sí nínú ìwé náà ká ní ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Mo bi ara mi léèrè pé, bí mo bá dúró níwájú ìsọ̀ ìyá yìí, ṣé màá sọ pé „pẹ̀lú ìdùnnú àti ọ̀wọ̀ ńlá ni mo fi ń lo àǹfààní yìí”? Á ní orí mi yí ni. „Ẹ kú ọjà, Mà” ni màá sọ, ó parí. Ìkíni kan tó bá àsìkò mu ti ṣe iṣẹ́ gbólóhùn mẹ́ta.

Mo wá rí i pé èdè wa ti fi ọ̀wọ̀ sínú „ẹ” àti „yín” tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti pe ènìyàn ní „ẹ” látòkè dé ìsàlẹ̀, tó kí i bó ṣe yẹ, tó fi „ẹ jọ̀wọ́” kan ṣáájú ohun tó ń béèrè, ti bọ̀wọ̀ fún un tán. Àwọn ọ̀rọ̀ mi yòókù, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti wá, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ náà sì ti jogún wọn lọ́dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà náà lọ́hùn-ún, òṣìṣẹ́ ìjọba kì í parí ìwé láìsọ pé òun ni ìránṣẹ́ onígbọràn ẹni tí òun ń kọ̀wé sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ onítọ̀hún ló fẹ́ kọ̀. „Àwa ni tiyín nítòótọ́” ò jìnnà sí ìyẹn. Ta ni mo jẹ́ tirẹ̀?

Èyí tí mo tún kọ nìyí:

„Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ìgbìmọ̀ ti yí ọjọ́ tí a ń san owó ẹ̀yá padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san ti oṣù yìí fún akápò ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ó pẹ́ tán, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14. Ẹni tó bá kọjá ìgbà yẹn yóò fi owó ìtanràn 500 náírà lé e. Bí ọjà ò bá tà, ẹ wá rí mi kí ọjọ́ tó pé, kí a jọ wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ ṣeun.” Orúkọ mi tẹ̀lé e, mo kọ „akọ̀wé” sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo „ṣíṣe ìsanpadà yóò máa wáyé”. Ta ni yóò san? Kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbólóhùn yẹn. „Ẹ san” lẹ́ni nínú, ó sì kúrú. Ibi tí mo bá ti rí „ṣíṣe” tàbí „wáyé” nínú ìwé mi báyìí, mo máa ń wá ẹni tó ń ṣe nǹkan náà, màá sì gbé e síwájú. „Ìgbésẹ̀ tí ó tọ́” di iye owó. „Ọjọ́ mẹ́jọ” di orúkọ ọjọ́ pẹ̀lú déètì, torí bí ẹnìkan bá ṣi ọ̀kan kà, èkejì á tọ́ ọ sọ́nà. „Èyí ni láti fi tó yín létí pé” ni mo kàn pa rẹ́. Ìwé tó ti dé ọwọ́ wọn ti tó wọn létí.

Àmọ́ mo tún ṣàṣejù. Bí ìwé kejì ṣe yé gbogbo ayé, orí mi wú, mo wá ń gé ọ̀rọ̀ kúrú bí ẹni ń gé ilá. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà kan lórí Wọ́sáàpù pé, „Gbèsè yín ku 40,000 náírà. Ẹ san án lọ́la.” Ìyá náà ò dá mi lóhùn. Ọmọ rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sí etí rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà, ó sì sunkún. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀.

„Gbèsè” ló dùn ún jù. Ẹnu wa kì í gbé ọ̀rọ̀ yẹn lé àgbàlagbà lórí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń kọ sí irú wọn báyìí ni pé, „Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Nínú owó tí ẹ yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, 40,000 náírà ló kù. Ṣé yóò rọ̀ yín lọ́rùn láti san án ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14?” Owó ò yí padà, ọjọ́ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló gbé e, kì í ṣe àṣẹ. Bí ẹni náà bá sì ń ṣọ̀fọ̀, „ẹ kú ìrójú” nìkan ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ owó á dúró di ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Alága ṣì ń fẹ́ „ọ̀wọ́n gidigidi” nínú ìwé ìpàdé gbogbogbò. Mo fi „ọ̀wọ́n” sílẹ̀ fún un, mo yọ „gidigidi”.