Kí ẹ tó ní páǹpù ló ń tú oògùn dànù

Ẹ̀yin àbúrò, bí Ẹ. kólì kan bá kọ etí ikún sí lẹfofulọsásínì, tẹtirasáíkìlìnì àti kiloramufẹ́níkò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fura sí páǹpù. Oògùn mẹ́ta yìí kò jọra, ibi tí kálukú wọn ti ń bá kòkòrò jà sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n páǹpù kan ṣoṣo, AcrAB-TolC, lè gbá gbogbo wọn mú kó sì tú wọn dà sẹ́yìn awọ ìta. Ìfura lásán kò tó o.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká wá ìwọ̀n oògùn tó kéré jù tó lè dá ìdàgbà kòkòrò dúró, ká sì tún un wá níbi tí PAβN, èròjà tó ń dí páǹpù lọ́wọ́, bá wà. Nínú àwo oníhò 96, ẹ fi 50 mìkirolítà oògùn sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ìwọ̀n rẹ̀ máa dín sí ìdajì láti ihò dé ihò. Ẹ wá bu 50 mìkirolítà omi kòkòrò lé e, kí kòkòrò inú ihò jẹ́ nǹkan bí 500,000 nínú mílílítà kan. Omi tí ẹ bù lé e yìí ti sọ gbogbo nǹkan di ìdajì, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ PAβN 25 mg/L, 50 ni kí ẹ pò. Ibí yìí ló máa ń da àwọn ẹlòmíràn rú jù. Ẹ fi ihò kan sílẹ̀ fún PAβN nìkan pẹ̀lú kòkòrò. Bí kòkòrò kò bá hù níbẹ̀, àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́.

Ká ní lẹfofulọsásínì jẹ́ 32 mg/L láìsí PAβN, tó wá di 4 nígbà tó wà. Ó ti fà sẹ́yìn ní ihò mẹ́ta. Ihò kan péré kò já mọ́ nǹkan, torí àyẹ̀wò yìí fúnra rẹ̀ lè yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kan sí èkejì. Ihò méjì sókè ni kí ẹ kà sí.

Síbẹ̀, PAβN náà lè dá awọ ìta lu, kí oògùn sì ráyè wọlé láìjẹ́ pé páǹpù dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe ìlà mìíràn tó ní MgSO4 1 mM, èyí tó ń mú awọ náà le. Magnísíọ̀mù ń so mọ́ lẹfofulọsásínì, ó sì ń sọ ọ́ di aláìlágbára, nítorí náà ìlà PAβN tó ní magnísíọ̀mù ni kí ẹ fi wé ìlà aláìní PAβN tí òun náà ní magnísíọ̀mù. Bí ìfàsẹ́yìn náà bá pòórá níbẹ̀, awọ ni PAβN bà jẹ́.

4 tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Ó ṣì ga jù. Ẹ lọ yẹ gyrA wò, jíìnì ibi tí lẹfofulọsásínì ti ń bá kòkòrò jà, torí ìyípadà níbẹ̀ kò kan páǹpù rárá. Ẹ má sì fi tẹtirasáíkìlìnì ṣe àyẹ̀wò yìí: PAβN kì í fi bẹ́ẹ̀ yí tirẹ̀ padà, kódà bí páǹpù bá ń ṣiṣẹ́ gidi.