Kí olùkọ́ yín tó kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń wá ààyè másítà, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí lẹ́tà ìjẹ́rìí ni pé olùkọ́ kò lè kọ ohun tí kò rántí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti gba iwájú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá kàn kọ ọ́ pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ gba lẹ́tà," yóò kọ ọ́ pé ẹ gbọ́ràn, ẹ sì ń ṣiṣẹ́ kára. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ bá gbogbo ènìyàn mu, kò sì gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kan.

Ẹ wo ímeèlì ọmọ Ìsánlú kan tí ó ka ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn. Àkọlé rẹ̀ ni "Ẹ̀bẹ̀ fún lẹ́tà ìjẹ́rìí másítà, gbèdéke 30 November." Lẹ́yìn ìkíni, ó kọ ọ́ pé:

"Ẹ̀yin lẹ bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ní 2019, lórí òdòdó kajú tó ń gbẹ dànù lóko àwọn àgbẹ̀ Búnú. Ẹ dá orí kẹta padà fún mi nítorí pé igi tí mo yẹ̀ wò kò tó. Mo padà sóko, mo sì yẹ púpọ̀ sí i wò. Bí àyè kò bá gbà yín sà, ẹ jẹ́ kí n mọ̀."

Ó wá fi orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀rí kún un, nọ́ńbà mátíríìkì, kọ́ọ̀sì tí ó gbà lọ́wọ́ olùkọ́ náà pẹ̀lú máàkì rẹ̀, orúkọ yunifásítì tí ó fẹ́ lọ, àti ohun tí fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè. Ó so síìfíì àti èsì ìdánwò rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ orí kẹta yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ojú olùkọ́ ni ó ṣe, nítorí náà ó lè fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe nígbà àgùnbánirọ̀, síìfíì ni ààyè rẹ̀. Olùkọ́ kò sí níbẹ̀, kò lè jẹ́rìí sí i.

Ẹ má fi orúkọ olùkọ́ sórí pọ́tà yunifásítì tí ẹ fẹ́ lọ kí ó tó gbà. Bí ó bá gbà, ẹ béèrè àdírẹ́sì ímeèlì tí ó ń ṣí lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fẹ́ èyí tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́, wọn kì í fẹ́ Gmail. Pọ́tà fúnra rẹ̀ ni yóò fi líǹkì ránṣẹ́ sí i, líǹkì náà sì sábà máa ń bọ́ sínú Spam. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sọ fún un, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí ímeèlì náà yóò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Àwọn òbí wa ní Kàbà lè ní kí ẹ gbé iṣu lọ kí i nílé. Ó dára kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi àlàyé náà ránṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀, kí ó lè wà níwájú rẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó kọ̀wé. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ sì rán an létí nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan.