Owó gọbọi ìparí lórí ẹ̀yáwó ọkọ̀: ohun tó ń ṣe sí owó oṣooṣù yín

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ẹ̀yáwó ọkọ̀ ni pé owó tí wọ́n bá sún sí ìparí, tí à ń pè ní owó gọbọi, kò tíì kúrò lọ́rùn ẹni. Ó wà níbẹ̀, ó ń bí èlé lóṣooṣù títí di ọjọ́ tí ẹ máa san án. Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ákùúrẹ́ níbí ló gbọ́ pé wọ́n á sún ìdá 40 nínú 100 gbèsè náà sí ìgbẹ̀yìn, wọ́n á sì rò pé ìdá 40 náà ni owó oṣooṣù yóò fi dínkù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí èlé ṣe wọ́n tó nílẹ̀ yìí, kì í tó ìdajì ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàkà fẹ́ ra Kòròlá tòkunbọ̀ ní ₦12,000,000. Ó ní ₦4,000,000 tó lè kọ́kọ́ san sílẹ̀, ó wá fẹ́ yá ₦8,000,000 tó kù. Ẹ jẹ́ ká ní èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 30 lọ́dún, ìyẹn ìdá 2.5 lóṣù, lórí gbèsè tó bá ṣẹ́ kù, kó sì san án fún oṣù 36. Bí kò bá sí owó gọbọi kankan ní ìparí, ₦339,613 ni yóò máa san lóṣù. Bí wọ́n bá sún ₦3,200,000, ìyẹn ìdá 40 gbèsè náà, sí ìparí, ₦283,768 ni. ₦55,845 ló fi dínkù, ìdá 16 nínú 100 péré.

Ohun tó fà á á hàn kedere bí ẹ bá pín gbèsè náà sí ọ̀nà méjì. ₦4,800,000 ni ẹ ń san tán díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù 36, tojú owó tèlé, ₦203,768 lóṣù sì ni tirẹ̀. ₦3,200,000 tó kù kò ní dínkù títí dé ìparí, ṣùgbọ́n ẹni tó yá yín lówó kò ní jẹ́ kó jókòó lásán: ìdá 2.5 rẹ̀, ₦80,000, ń wọlé fún un lóṣooṣù. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ₦283,768 náà nìyẹn. ₦80,000 yẹn dà bí owó ilé, ẹ ó máa san án, kò sì ní sọ ilé di tiyín. Lẹ́yìn oṣù 36, ₦3,200,000 ṣì wà ní odindi, kọ́bọ̀ kan kò kúrò lára rẹ̀.

Èyí náà ló mú kí owó oṣooṣù ní ibi tí kò lè rẹlẹ̀ ju. Èlé oṣù kan lórí gbogbo ₦8,000,000 jẹ́ ₦200,000. Bí wọ́n tiẹ̀ sún gbogbo ojú owó sí ìparí, ẹ kò lè máa san iye tó kéré sí ìyẹn láìjẹ́ pé gbèsè náà ń wú sí i.

Àwọn ìbátan wa tó wà lókè òkun máa ń sọ pé irú ètò yìí gba àwọn lọ́wọ́ ìnira. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, èlé tiwọn ló yàtọ̀. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò kan náà ní ìdá 6 lọ́dún, owó oṣooṣù yóò wálẹ̀ láti ₦243,375 sí ₦162,025, ó fi ìdá 33 dínkù. Bí èlé bá ṣe ń ga sí i ni ìrànlọ́wọ́ owó gọbọi ń kéré sí i, torí pé èlé ọ̀wọ́n lẹ ó máa san lórí apá tí ẹ sún síwájú.

Ní àpapọ̀, ẹni tí kò sún nǹkan kan yóò san èlé tó jẹ́ nǹkan bíi ₦4,226,000. Ẹni tó sún ìdá 40 yóò san nǹkan bíi ₦5,416,000. Kódà bó bá ń fi ₦55,845 tó dínkù yẹn pamọ́ sínú àjọ lóṣooṣù láìyẹ̀, ₦2,010,420 ni yóò rí kó ní ìparí, yóò sì tún wá ₦1,189,580 kún un.

Ibi tí ìjàngbọ̀n pọ̀ sí jù ni iye tí ẹni tó ń tajà kọ sórí ìwé pélébé fún yín. Bí wọ́n bá ní ₦203,768 lẹ ó máa san lóṣù, tí ₦3,200,000 sì wà ní ìparí, ẹ dúró. Apá kan ṣoṣo ni wọ́n ṣírò, wọ́n ti gbàgbé ₦80,000. Bí wọ́n bá jẹ́ kẹ́ ẹ máa san iye yẹn bẹ́ẹ̀, èlé tí ẹ kò san yóò máa gun orí gbèsè, ₦7,784,088 ni yóò sì dúró dè yín lóṣù 36, kì í ṣe ₦3,200,000. Ẹ fi fóònù yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ ṣí Google Sheets, kí ẹ tẹ èyí:

```
=PMT(2.5%,36,-8000000,3200000)
```

Èlé oṣù kan ló ṣáájú, iye oṣù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni owó tí ẹ yá, owó gọbọi ló kẹ́yìn. Ẹ má gbàgbé àmì ìyọkúrò tó wà níwájú owó tí ẹ yá, torí bí kò bá sí níbẹ̀, èsì tó máa jáde kò ní bá ọ̀rọ̀ yín mu. Bí ẹ bá fi 0 rọ́pò 3200000, ẹ ó rí iye tí ẹ̀yáwó tí kò ní owó gọbọi máa gbà. Bí iye tiwọn bá fi ju ₦1,000 lọ yàtọ̀ sí tiyín, ẹ bi wọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ inṣọ́ránsì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn míì á ní àwọn yóò tún yá owó láti fi san owó gọbọi náà. Ẹ ṣírò ìyẹn náà. ₦3,200,000 fún oṣù 12 ní èlé kan náà jẹ́ ₦311,959 lóṣù, ó tún ju owó tí ẹ ti ń san bọ̀ fún ọdún mẹ́ta lọ, lórí ọkọ̀ tó ti gbó sí i.

Ẹni tí mo rò pé ètò yìí bá mu ni ẹni tí owó ńlá ń wọlé fún lásìkò kan pàtó, bí àwọn tó ń ra kòkó ní Ìdànrè àti Oǹdó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìparí gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìgbà tí kòkó ń jáde dáadáa. Bí wọ́n bá yá owó náà ní Oṣù Kẹfà, tí wọ́n gba oṣù 36, Oṣù Kẹfà míì ni owó gọbọi yóò dé, nígbà tí ọwọ́ gbẹ. Ó sàn kí wọ́n gba oṣù 30, kó lè bọ́ sí Oṣù Kejìlá. Owó oṣooṣù yóò di ₦309,333, àmọ́ àpapọ̀ èlé yóò fi nǹkan bíi ₦936,000 dínkù. Kí wọ́n sì rí i pé ìwé àdéhùn sọ ọ́ kedere pé ọjọ́ kan náà ni owó oṣù 30 àti owó gọbọi bọ́ sí. Bó bá di oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ₦80,000 míì ti kún un nìyẹn.