Aago ilé ni kẹ́ ẹ fi ṣe òpó: bá a ṣe ń ṣètò ìpè ẹbí láàrin Ìbàdàn, Màńṣẹ́sítà àti Hiúsítìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èèyàn lókè òkun tẹ́ ẹ sì máa ń pe ara yín lórí Wọ́sáàpù ní gbogbo Sọ́ńdè, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú wa rí, torí èmi ni wọ́n fi jẹ sẹ́kítírì ìpàdé ẹbí wa láìbi mí. Èmi àti Màámi wà n'Ìbàdàn, bọ̀dá wa wà ní Hiúsítìn ní Tẹ́síàsì, àbúrò mi obìnrin wà ní Màńṣẹ́sítà tòun tọkọ tọmọ. Aago mẹ́jọ alẹ́ Sọ́ńdè la jọ fẹnu kò sí. Nígbà òtútù kò síjà rárá, tí tiwa bá ti di mẹ́jọ alẹ́, aago méje alẹ́ ló ń lù ní Màńṣẹ́sítà, aago kan ọ̀sán ni ní Hiúsítìn, bọ̀dá á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, á dá wa lóhùn látinú mọ́tò.

Oṣù Mááṣì ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan tí ooru bá ń bọ̀, wọ́n á tún dá a padà tí òtútù bá fẹ́ dé, torí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ wọn kì í dúró sójú kan. Ní Màńṣẹ́sítà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Dìsẹ́ḿbà ilẹ̀ ti ṣú, àmọ́ ní Júùnù aago mẹ́sàn-án alẹ́ lè lù kójú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀. Tiwa níbí, òjò ni o, ọ̀gbẹlẹ̀ ni o, ìgbà tílẹ̀ ń ṣú ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìdí nìyẹn tá a fi fi aago wa sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ì bá rọrùn, àmọ́ Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba kì í yí tiwọn lọ́jọ́ kan náà. Amẹ́ríkà ń sún tiẹ̀ ní Sọ́ńdè kejì nínú Mááṣì, Ìlú Ọba ń dúró di Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù náà. Tá a bá mú 2026 ṣe àpẹẹrẹ, 8 Mááṣì ni ti Amẹ́ríkà, 29 Mááṣì ni ti Ìlú Ọba. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gbogbo ìṣirò tẹ́ ẹ há sórí ti di asán.

Ẹ wò ó báyìí. Bọ̀dá wa ti mọ́ ọn lára pé aago kan ọ̀sán lòun ń pè. Ní 8 Mááṣì aago ara fóònù ẹ̀ sún fúnra ẹ̀ nígbà tó ń sùn, kò tiẹ̀ mọ̀, ó bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ wá láago ní aago kan, n'Ìbàdàn aago méje ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Màámi ń ro àmàlà lọ́wọ́ ní kíṣìnnì, fóònù ń dún ní pálọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Bọ̀dá bá bínú pé àwa la ní kí òun máa pe ìyá òun, òun pè tán ẹ ò gbé e. Wọ́n sì tún fi kún un pé àbúrò náà ò wọlé, bẹ́ẹ̀ ó dá wọn lójú pé wákàtí mẹ́fà ló wà láàrin àwọn méjèèjì. Mẹ́fà ni lóòótọ́ ní ọ̀pọ̀ jù nínú ọdún, àmọ́ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ó ti di márùn-ún. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń lù ní Màńṣẹ́sítà, ọmọ ló ń wẹ̀ fún.

Ní ìparí ọdún ó máa ń yí bìrí. Ìlú Ọba ń dá aago padà ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn Ọ̀kítóbà, Amẹ́ríkà ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Nòfẹ́ḿbà, ìyẹn 25 Ọ̀kítóbà àti 1 Nòfẹ́ḿbà ní 2026. Ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń lo àṣà àtijọ́ kì í tètè dé mọ́, á pẹ́ ni, á wá pè ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa nígbà tí Màámi ti ń hanrun. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnì kan fi wákàtí kan géérégé yẹ̀ ní Mááṣì tàbí Nòfẹ́ḿbà, ẹ má bá a jà, aago ìlú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ohun tá a wá ṣe ni pé aago Ìbàdàn la fi ṣe òpó, àwọn tó wà níta ni wọ́n á máa yí i ká, torí tiwa ò mì. Mo ṣí Google Calendar, mo kọ ìpè náà sí i, mo yan `Lagos` níbi tó ti ń béèrè `Time zone`, mo ní kó máa padà wá ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo wá fi ímeèlì gbogbo wọn sí i. Fóònù oníkálukú á fi aago ìlú tiẹ̀ hàn án, á sì yí i fúnra ẹ̀. Ẹ kíyè sí ẹni tó ń dá a sílẹ̀ o, tó bá jẹ́ bọ̀dá ló dá a sílẹ̀ tó sì fi í sí aago Hiúsítìn, ti Hiúsítìn ló máa dúró sójú kan, àwa n'Ìbàdàn la ó máa sáré tẹ̀ lé e láti aago mẹ́jọ sí méje, láti méje sí mẹ́jọ.

Òpó yẹn náà ní ohun tó ń ná wa. Látìparí Mááṣì, aago wa àti ti Màńṣẹ́sítà di ọ̀kan náà, mẹ́jọ tiwa di mẹ́jọ tiwọn, ọmọ àbúrò mi sì ti ń tòògbé nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn gan-an ni Màámi fẹ́ rí. A bá fà á wá sí aago méje ààbọ̀ títí di ìparí Ọ̀kítóbà, ìyẹn aago kan ààbọ̀ ọ̀sán fún bọ̀dá, wọ́n á ti délé. Ó sàn ká jókòó yí i lẹ́ẹ̀kan ju kó máa yí mọ́ wa lọ́wọ́.

Màámi ò fẹ́ gbọ́ ti kàlẹ́ńdà. Aago ara ògiri ni mo fi kọ́ wọn. Tó bá jẹ́ ìgbà ooru wọn, wákàtí mẹ́fà la fi ṣíwájú Hiúsítìn, ọwọ́ kékeré á wà ní òdìkejì gan-an: tiwa wà lórí mẹ́jọ, ti bọ̀dá wà lórí méjì. Tó bá di ìgbà òtútù, ẹ yọ ọ̀kan sí i, ó di aago kan. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ báyìí, àwọn ni wọ́n ń sọ fún mi pé “má pè é, ọmọ mi ṣì ń sùn.”

Ẹ yéé kọ “lọ́la” sínú mẹ́séèjì pẹ̀lú. Bọ̀dá kọ ọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ Fúráìdè pé òun á pe Màámi lọ́la, Sátidé ló ní lọ́kàn, àmọ́ níbí Sátidé ti mọ́ kí Màámi tó kà á, Sọ́ńdè ni wọ́n wá ń retí. Orúkọ ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì to ìlú tẹ̀ lé e, báyìí: Sọ́ńdè 15 Mááṣì, Ìbàdàn 8 alẹ́, Màńṣẹ́sítà 7 alẹ́, Hiúsítìn 2 ọ̀sán. Orúkọ ìlú náà tó, ẹ má kọ `EST` tàbí `GMT` sára káàdì ìpè ayẹyẹ. Aago ìgbà òtútù Niú Yọ́ọ̀kì àti ti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n, ní Júláì `EDT` ni Niú Yọ́ọ̀kì ń lò, Lọ́ńdọ̀nù náà ti kúrò lórí `GMT`, ẹni tó bá fi lẹ́tà yẹn ṣírò á fi wákàtí kan ṣìnà, wọ́n á sì ti sin òkú tán kó tó wọlé.