Géèmù kòròpé: ọwọ́ ti tẹ lúùpù Lágere

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá géèmù kòròpé témi àti àbúrò mi ń ṣe yìí bọ̀ látẹ̀yìn, ọwọ́ mi ti tẹ lúùpù burúkú yẹn o, ìyípo tí awakọ̀ ń yí tó sì ń jèrè ṣáá! Mápù ti wọlé, àwòrán bọ́ọ̀sì ti wọlé, owó epo ti wà lórí gbogbo ọ̀nà, n ò ní pariwo nípa àwọn yẹn mọ́. Ohun tó mú mi jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú ni pé kọ̀ǹpútà ń sọ fún mi pé awakọ̀ lè jèrè láìlópin láàárín ìlú Ifẹ̀ yìí, àmọ́ kò fẹ́ sọ ibi tí èrè ọ̀hún ti ń wá.

Fún ẹni tó bá ti gbàgbé, nọ́ńbà tó wà lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni owó epo lẹ́yìn tá a bá ti yọ owó tí èrò san. Tó bá jẹ́ 100, náírà 100 ti jáde lápò awakọ̀ nìyẹn, tó bá jẹ́ máínọ́sì 200, ó jèrè 200. A fẹ́ mọ iye tó kéré jù tí èèyàn lè fi dé ibùdó kọ̀ọ̀kan láti Géètì. Ìlànà Dijkstra ò lè bá wa ṣe é, torí pé tó bá ti rí ibùdó kan tó dà bíi pé òun ló rọjú jù, ó ti tìlẹ̀kùn ẹ̀ nìyẹn, kò ní padà síbẹ̀ mọ́, ọ̀nà tó ní máínọ́sì sì lè wá látẹ̀yìn wá dín owó ibẹ̀ kù. Àbúrò mi tó ń ya mápù ní ká kàn fi 200 kún gbogbo ọ̀nà kí máínọ́sì lè pòórá. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹni tó gba ọ̀nà mẹ́ta máa san 600 lé, ẹni tó gba ẹyọ kan máa san 200 lé, ọ̀nà tó dáa jù tẹ́lẹ̀ lè wá di ọ̀nà tó wọ́n jù. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà ṣe é bẹ́ ẹ ṣe fẹ́."

Ìlànà Bellman-Ford la wá ń lò báyìí (Ford gbé tiẹ̀ jáde ní 1956, Bellman ní 1958). Kò gbọ́n rárá, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀: ó kàn máa ń gba orí gbogbo ọ̀nà kọjá, tí ọ̀nà kan bá lè dín owó ibùdó tó wà níparí ẹ̀ kù, ó dín in. Tó bá ti gba gbogbo wọn kọjá tán, ráúndì kan nìyẹn, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

```python
INF = float("inf")
owo = [INF] * n
baba = [-1] * n
owo[0] = 0
for r in range(n):
    x = -1
    for u, v, w in ona:
        if owo[u] + w < owo[v]:
            owo[v] = owo[u] + w
            baba[v] = u
            x = v
    if x == -1:
        break
```

`baba[v]` ni ibùdó tá a ti wá kí owó `v` tó dín kù. Tí ibùdó bá jẹ́ `n`, ìrìn tí kò bá gba ibùdó kankan kọjá lẹ́ẹ̀mejì kò lè lo ju ọ̀nà `n-1` lọ, nítorí náà ráúndì `n-1` tó láti parí gbogbo ẹ̀. Tí nǹkan bá ṣì ń dín kù ní ráúndì `n`, a jẹ́ pé ẹnì kan ń yípo níbì kan tí yíyípo yẹn sì ń mówó wá. Ìyẹn ló fà á tí mo fi jẹ́ kó ṣe ráúndì kan lé.

Ó dáa, mápù kékeré tí mo fi ń dán an wò rèé, ibùdó mẹ́fà: Géètì sí Mayfair 100, Mayfair sí Lágere 50, Lágere sí Sábó máínọ́sì 200 (ẹrù ọjà ló pọ̀ níbẹ̀ nínú géèmù), Sábó sí Mayfair 120, Sábó sí Ẹnuwá 80, Ẹnuwá sí Ìlódè máínọ́sì 30. Bí mo ṣe tò wọ́n yìí náà ni kóòdù ṣe ń gbà wọ́n. Ní ráúndì àkọ́kọ́, Mayfair di 100, Lágere 150, Sábó máínọ́sì 50, ó wá gba Sábó padà sí Mayfair, Mayfair bọ́ sí 70, Ẹnuwá di 30, Ìlódè di òdo. Ní ráúndì kejì gbogbo wọn tún fi 30 wálẹ̀: Lágere 120, Sábó máínọ́sì 80, Mayfair 40, Ẹnuwá òdo, Ìlódè máínọ́sì 30. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ, 30, 30 ló ń já wálẹ̀, ní ráúndì kẹfà kò tíì dúró, Géètì nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́ lórí òdo ẹ̀. Dáadáa. Lúùpù wà.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ní kó dárúkọ lúùpù ọ̀hún fún mi. Ọ̀nà tó wá síni lọ́kàn ni pé kéèyàn mú ibùdó tó dín kù gbẹ̀yìn ní ráúndì `n`, ìyẹn `x`, kó máa tẹ̀ lé `baba` lọ sẹ́yìn títí á fi padà bá `x`. Mo rọ́ọ̀nù ẹ̀, kọ̀ǹpútà dákẹ́. Kò sí ẹ́rọ̀, kò sí ohunkóhun, fáànù láptọ́ọ̀pù ń ké wúù-wúù, bátìrì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Lágere ń gbóná. Mo dá a dúró, mo ní kó máa tẹ orúkọ ibùdó jáde bó ṣe ń lọ. Ohun tó tẹ̀ rèé: Ìlódè, Ẹnuwá, Sábó, Lágere, Mayfair, Sábó, Lágere, Mayfair, Sábó… ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró.

Ṣé ẹ rí i? Ìlódè ni `x`, torí pé ọ̀nà Ẹnuwá sí Ìlódè ló kẹ́yìn nínú lísítì. Àmọ́ Ìlódè ò sí nínú lúùpù rárá! Kò sí ọ̀nà kankan tó ti Ìlódè jáde. Ó kàn ń jẹ nínú ohun tí lúùpù ń ṣe ni, bí ẹni tó ń gbé lẹ́yìnkùlé ilé ìnáwó, tó ń rí ìrẹsì jẹ láì mọ ẹni tó ń ṣègbéyàwó. Kóòdù ń dúró de ìgbà tó máa padà bá Ìlódè, kò sì lè rí i láéláé. Pé ibùdó kan dín kù ní ráúndì tó gbẹ̀yìn kò sọ pé inú lúùpù ló wà, ohun tó sọ ni pé tó o bá tọ baba ẹ̀ lọ sẹ́yìn, wàá já sínú lúùpù.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé òun ti já síbẹ̀? Ẹ rìn sẹ́yìn ní ìgbà `n`, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ kankan sílẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé tí Ìlódè bá dín kù ní ráúndì kẹfà, baba ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dín kù ní ráúndì kẹfà yẹn náà tàbí ìkarùn-ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Ìlódè ì bá ti gba tiẹ̀ ṣáájú. Baba ìyẹn náà bẹ́ẹ̀, ìgbà tó dín kù gbẹ̀yìn ò ní ṣáájú ráúndì ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ìlà baba yẹn ò ní já mọ́ wa lọ́wọ́ kí ìṣísẹ̀ mẹ́fà tó pé, ibùdó tá a sì ní ò ju mẹ́fà lọ, kò sí bí kò ṣe ní tún ọ̀kan tẹ̀. Látìgbà tó bá ti tún ọ̀kan tẹ̀, inú lúùpù ló wà, kò lè jáde mọ́.

```python
if x != -1:
    for _ in range(n):
        x = baba[x]
    yipo = [x]
    y = baba[x]
    while y != x:
        yipo.append(y)
        y = baba[y]
    yipo.append(x)
    yipo.reverse()
```

Láti Ìlódè, ìṣísẹ̀ mẹ́fà: Ẹnuwá, Sábó, Lágere, Mayfair, Sábó, Lágere. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ní Lágere, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde kedere: Lágere, Sábó, Mayfair, Lágere. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, máínọ́sì 200, 120, 50, máínọ́sì 30 ló kù. Náírà 30 ni ọ̀lẹ awakọ̀ kan ń jẹ ní gbogbo ìgbà tó bá ti yípo. Ẹ má gbàgbé `reverse` tó wà nísàlẹ̀ yẹn o, torí ẹ̀yìn la ń rìn, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á máa sọ fún awakọ̀ pé kó gba ọ̀nà tí kò sí.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Iye tó wà lára Ẹnuwá àti Ìlódè lẹ́yìn ráúndì kẹfà, máínọ́sì 120 àti máínọ́sì 150, kì í ṣe ìdáhùn kankan. Ibi tí kóòdù dúró sí ló bá wọn, tá a bá fún un ní ráúndì ẹgbẹ̀rún á tún lọ jìnnà sí i. Gbogbo ibùdó téèyàn lè dé látinú lúùpù ni kò ní iye tó kéré jù, nítorí náà mo ní kí géèmù kọ "kò lópin" síwájú wọn, kó má kọ nọ́ńbà.

Apá Modákẹ́kẹ́ tí àbúrò mi ń yà lọ́wọ́ náà fẹ́ dà mí láàmú, torí kò tíì fi ọ̀nà so ó mọ́ Géètì. Ibùdó tí a ò lè dé, `INF` ló wà lára ẹ̀. Nínú Python, `INF` tí mo lò yẹn kò ní dín kù tá a bá yọ 40 kúrò lára ẹ̀, ó ṣì jẹ́ `INF`, nítorí náà kò sí wàhálà. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e lọ sí C++ tẹ́ ẹ sì fẹ́ lo bílíọ̀nù kan dípò ẹ̀, bílíọ̀nù kan tá a yọ 40 kúrò lára ẹ̀ kéré sí bílíọ̀nù kan, kóòdù á gbà pé òun ti dé ibi tí kò dé. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá `owo[u]` jẹ́ bílíọ̀nù yẹn, kẹ́ ẹ fo ọ̀nà náà. Ìyẹn náà ló fà á tí lúùpù tó bá wà ní apá Modákẹ́kẹ́ kò fi ní hàn báyìí, Géètì la ti bẹ̀rẹ̀, kò mọ ibẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ yẹ gbogbo mápù wò, kó fi òdo sára gbogbo ibùdó látìbẹ̀rẹ̀ dípò `INF`. Owó ibùdó ò ní nítumọ̀ mọ́, àmọ́ kò sí lúùpù tó máa ríbi sá sí.

Àbúrò mi ní ká yọ ọ̀nà Sábó sí Mayfair kúrò. Mo ti fẹ́ gbà fún un, ìgbà tí mo wá ṣírò ẹ̀ ni mo kàn fi 30 kún epo ibẹ̀, ó di 150, lúùpù di òdo. Òdo kì í ṣe máínọ́sì, kò sẹ́ni tó ń jẹ èrè ọ̀fẹ́ mọ́. Kóòdù parí nǹkan ní ráúndì àkọ́kọ́, ó rí i pé nǹkan kan ò yí padà ní ìkejì, ó dúró. Ìlódè dúró lórí òdo, Sábó lórí máínọ́sì 50. Mo wá dojú lísítì ọ̀nà dé, ìkẹyìn di àkọ́kọ́, ó gba ráúndì márùn-ún gbáko kí Ìlódè tó dé òdo kan náà. Ìdáhùn ò yàtọ̀, àkókò ló yàtọ̀.

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí pé tó bá di ìgbà mìíràn, èrò á máa wọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Mo fagi lé e báyìí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Owó ọ̀nà á wá dá lórí ibi tí awakọ̀ ti kọjá tẹ́lẹ̀, Bellman-Ford ò sì mọ ìtàn ẹnikẹ́ni, ibi tó o wà nìkan ló mọ̀. Aago ni màá fi sí i: Lágere agogo méje á jẹ́ ibùdó tiẹ̀, Lágere agogo mẹ́jọ tiẹ̀. Aago kì í padà sẹ́yìn, kò ní sí lúùpù nínú mápù rárá, tí mo bá sì to àwọn ọ̀nà bí aago ṣe ń lọ, ráúndì kan ṣoṣo ti tó. Àbúrò mi ń to ibùdó wákàtí méje àárọ̀ lọ́wọ́ báyìí, ó ti ń bínú pé ibùdó ti pọ̀ jù.