Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ímeèlì tí a fi ń béèrè ìwé ọjà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ẹ̀ka

Iṣẹ́ mi ní olú iléeṣẹ́ wa ní Ìbàdàn ni kí n gba ìwé ọjà, ìyẹn ìwé tí àwọn ẹ̀ka ń kọ iye ọjà tí wọ́n kà sí ní ìparí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí n fi wé iye tó wà lórí kọ̀mpútà, kí n sì fi àbọ̀ rẹ̀ lé àwọn oníṣirò owó lọ́wọ́. Ọṣẹ, wàrà alágolo, bisikíìtì àti irú àwọn ọjà bẹ́ẹ̀ ni à ń tà, àwọn ẹ̀ka wa sì wà ní Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Àkúrẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé gbèdéke méjì ló yẹ kó wà nínú ímeèlì tí a fi ń béèrè ìwé ọjà. Ọ̀kan ni wákàtí tí ọjà yóò dúró sójú kan kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀, èkejì ni wákàtí tí ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ímeèlì yìí tí mo ti kà kò mẹ́nu kan ti àkọ́kọ́ rárá, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka kan. Ímeèlì tí wọ́n gbà sọ pé kí wọ́n ka ọjà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò sì sọ aago. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ṣọ́ọ̀bù sì ṣí sílẹ̀ fún oníbàárà. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ̀ já páálí ọṣẹ 60 sílẹ̀. Àwọn tó ń kà kà á mọ́ ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé tó yẹ kó tẹ wéébììlì rẹ̀ sórí kọ̀mpútà ti lọ sílé. Nígbà tí ìwé dé ọ̀dọ̀ wa, ọṣẹ fi páálí 60 lé iye tó wà lórí kọ̀mpútà. Bí a bá tún iye orí kọ̀mpútà ṣe kó lè bá ìwé mu, tí akọ̀wé sì tẹ wéébììlì náà lọ́jọ́ Ajé, páálí 60 kan náà ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, bí a bá sì tún kà ní oṣù mẹ́ta òmíràn, a óò bẹ̀rẹ̀ sí í bi olùtọ́jú sítọ̀ léèrè páálí ọṣẹ 60 tí kò fìgbà kan sí. Nọ́ńbà wéébììlì ìgbẹ̀yìn tí wọ́n tẹ̀ kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí a fi ń mọ irú nǹkan báyìí. Bí nọ́ńbà yẹn bá wà lókè ìwé, ẹni tó wà ní Ìbàdàn yóò rí i fúnra rẹ̀ pé wéébììlì tó kó ọṣẹ wá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan iye orí kọ̀mpútà.

Ọjà tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀ tí kò tíì wá kó náà ń fa irú ìdàrúdàpọ̀ yìí, láti apá kejì. Bí rìsíìtì rẹ̀ bá ti wọ kọ̀mpútà, kọ̀mpútà ti yọ ọjà náà kúrò, kò sì sí lára tiwa mọ́ bó tilẹ̀ wà nínú sítọ̀ wa. Ẹ ní kí wọ́n kó o sọ́tọ̀, kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára, kí wọ́n má sì kà á.

Ní ti gbèdéke kejì, mi ò gbà pé kí a kàn mú ọjọ́ kan tó rọrùn fún wa lẹ́nu. Láti ẹ̀yìn ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀: ìgbà wo ni àwọn oníṣirò owó yóò ti ìwé oṣù pa, wákàtí mélòó ni mo nílò láti fi ìwé wé kọ̀mpútà, wákàtí mélòó sì ni ẹ̀ka nílò láti lọ tún àwọn ọjà tí iye wọn kò bára mu kà. Àtúnkà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àyè sílẹ̀ fún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bó bá ṣe ń pẹ́ ni agbára rẹ̀ ń dín kù, nítorí pé ọjà ti ń rìn. Ká ní ẹ̀ka kan tún bisikíìtì kà ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ kíkà, tí wọ́n bá páálí 410. Láàárín ìgbà yẹn wọ́n ti ta 65, wọ́n sì ti gba 40 wọlé. Láti mọ iye tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kíkà, a óò dá 65 tí wọ́n tà padà sórí 410, a óò sì yọ 40 tí wọ́n gbà kúrò, èyí tó fún wa ní 435. Ìṣirò náà kò le, ṣùgbọ́n ó gbára lé pé kò sí rìsíìtì tàbí wéébììlì kankan tó yọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ìyẹn gan-an sì ni ohun tí a kà ọjà láti yẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ìwé dé kí títà ọ̀sẹ̀ tuntun tó wọra.

Ímeèlì tí mo ń kọ báyìí nìyí, bó ṣe lọ sí Òṣogbo:

Àkòrí: Ìwé ọjà ẹ̀ka Òṣogbo: ẹ fi ránṣẹ́ kí aago 10 àárọ̀ ọjọ́ Ajé, 30/9/2024, tó lù

Ẹ kú iṣẹ́, mà.

Ẹ jọ̀wọ́, a fẹ́ kí ẹ ka gbogbo ọjà ẹ̀ka yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, kí ìwé rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ mi kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30, tó lù. Ọjọ́ Ajé yẹn kan náà ni a óò ti ìwé oṣù pa.

Ẹ dá títà àti gbígba ọjà dúró ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ rí i pé gbogbo rìsíìtì àti wéébììlì ti wọ kọ̀mpútà kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn nínú méjèèjì sókè ìwé. Ọjà tó bá dé lẹ́yìn aago méjì, ẹ kó o sọ́tọ̀, ẹ má kà á.

Ẹyọ ni kí àpapọ̀ iye ọjà kọ̀ọ̀kan jẹ́, kì í ṣe páálí. Iye ẹyọ tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọjà. Ọjà tí kò bá sí rárá, ẹ kọ 0 síwájú rẹ̀, ẹ má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ ọjà tó bàjẹ́ àti èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá sí àyè tiwọn.

Kí ẹnì kan máa kà, kí ẹlòmíràn máa kọ. Kí ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀ má ṣe jẹ́ ẹni tó ń kà. Kí àwọn méjèèjì àti ẹ̀yin fúnra yín buwọ́ lù ú.

Ẹ fi ìwé Excel náà ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ `OSOGBO_2024-09-30.xlsx`, kí ẹ sì fi fọ́tò ìwé tí ẹ buwọ́ lù tẹ̀ lé e. Ẹ má tún iye kankan ṣe lórí kọ̀mpútà. Tó bá di aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ajé, màá fi orúkọ àwọn ọjà tí ẹ óò tún kà ránṣẹ́, kí ẹ dá mi lóhùn kí aago márùn-ún tó lù. Bí ìdíwọ́ kankan bá wà, ẹ pè mí kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ ṣeun, mà.

Ibi tó ń ṣe wá ní jàǹbá jù lọ nínú ìwé tó ń padà wá ni ọ̀ràn ẹyọ àti páálí. Ẹ̀ka kan kọ 37 síwájú wàrà alágolo, kọ̀mpútà sì ní 888. Lójú ẹni tó bá ń kánjú, agolo 851 ti wọ́ lọ. Ṣùgbọ́n páálí wàrà yẹn ń gba agolo 24, bí a bá sì fi 37 ṣe ìlọ́po 24, 888 gééré ni. Nǹkan kankan kò sọnù. Nígbàkígbà tí ìyàtọ̀ bá tóbi tó báyìí, ẹ kọ́kọ́ fi iye ẹyọ tó wà nínú páálí kan pín iye orí kọ̀mpútà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ẹ má sì rò pé ìlànà inú ímeèlì nìkan yóò ṣẹ́gun àṣà sítọ̀, nítorí pé páálí ni àwọn tó ń gbé ọjà ń kà lẹ́nu láti àárọ̀ dé alẹ́. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a fi àyè mẹ́ta sínú ìwé: páálí tó dì, ẹyọ tó wà níta páálí, àti àpapọ̀ ní ẹyọ, tí Excel yóò ṣírò fúnra rẹ̀.

Àyè tó ṣófo náà ní ìpalára tirẹ̀. Ẹni tó fi àyè sílẹ̀ lè ní lọ́kàn pé ọjà náà kò sí, ó sì lè jẹ́ pé kò tíì dé ibi tí wọ́n tò ó sí. Láti Ìbàdàn, ojú kan náà ni méjèèjì ní.

Ẹ ó sì rí i pé ìwé tí mo fi ránṣẹ́ kò ní iye orí kọ̀mpútà nínú. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka kan ti bá mi jiyàn lórí èyí, wọ́n ní yóò yá bí àwọn bá rí iye tí wọ́n ń wá. Lóòótọ́ ni yóò yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí 52 lórí ìwé, tó sì ka 49, yóò rò pé ojú òun ló ṣì í, yóò kọ 52, a kò sì ní gbọ́ nípa mẹ́ta yẹn láéláé. Ó ní ibi tí agbára ọgbọ́n yìí mọ, nítorí ẹ̀ka lè tẹ iye orí kọ̀mpútà jáde fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé kí olùtọ́jú sítọ̀ má kà á.

Ní ti fífi ránṣẹ́, mi ò kó gbogbo ẹ̀ka pọ̀ sójú ímeèlì kan. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ń fi tiwọn ránṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ka nínú àkòrí àti ìwé tí a ti kọ kìkì ọjà ẹ̀ka náà sí, nítorí pé ohun tí a bá kọ sí gbogbo èèyàn, kálukú a máa rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ó máa ń lọ ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kíkà, kí ọ̀gá ẹ̀ka lè rí àyè sọ fún àwọn oníbàárà ńlá pé wọn kò ní rí ọjà gbà lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́bọ̀, mo ń tẹ̀ wọ́n láago láti béèrè àwọn tí yóò kà àti ẹni tí yóò kọ.

Bí ìwé bá dé, mo ń dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀, mo ń sọ iye ìlà tó ní ọjà nínú, kí wọ́n lè mọ̀ bí ìwé kan bá já sọ́nà. Ẹ̀ka tí tirẹ̀ kò bá tíì dé ní aago mẹ́wàá, fóònù ni mo fi ń pè é, mi ò tún ímeèlì kọ. Bí ó bá sì di ọ̀sán tí kò sí nǹkan kan, mo ń ní kí wọ́n ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù bó ṣe wà. Èmi yóò tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, màá sì kọ ọ́ sínú àbọ̀ tí mo fún àwọn oníṣirò owó pé èmi ni mo tẹ ti ẹ̀ka yẹn, kí ọ̀gá rẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò kó sì buwọ́ lù ú kí ọ́dítọ̀ tó béèrè rẹ̀.